Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta tí bàbá yóò sọ níbi ayẹyẹ ìjáde ọmọ rẹ̀ ní jẹ́léósinmi

Bàbá Àjọkẹ́, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo ilé o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ń parí ọdún kejì rẹ̀ ní jẹ́léósinmi níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, yóò sì wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún wọlé. Dirẹkitíríìsì ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní orúkọ gbogbo òbí lọ́jọ́ ayẹyẹ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti kéwì, tí wọ́n sì ti jó, kí wọ́n tó pín ìwé-ẹ̀rí. N kò di makirofóònù mú rí. Mo ti kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kíkí nìkan ti gba ìdajì ìwé náà. Kí ni kí n sọ, èdè wo ni kí n fi sọ ọ́, ṣé ó sì tọ́ kí n dárúkọ ọmọ tèmi níbẹ̀?

---

Oníṣòwò Wàńdò

Ẹ kú oríire, Bàbá Àjọkẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fún yín láyè láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ wa, ẹ bá wa sọ ti owó. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní jẹ́léósinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ayẹyẹ ìjáde yìí ti dà. Níbi tí àbíkẹ́yìn mi wà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ, a rán aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin fún ọmọ tí kò tíì mọ a-b-d, a san owó fọ́tò, a san owó kéèkì, a tún san owó àga tí a fúnra wa jókòó lé. Ọmọ náà wọ aṣọ yẹn fún ìdajì ọjọ́ kan péré. Bí bàbá kan bá lè dìde kí ó sọ èyí ní gbangba, yóò ti ṣe wá lóore.

---

Ọmọ Ṣábẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni bàbá béèrè, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lórí ìjókòó ni.

Lójú tèmi, ẹ má ṣe gé kíkí yín kúrú. Ọmọ Yorùbá ni wá, ẹni tí ó bá dìde láàárín àwùjọ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Bí aṣojú ọba bá wà níjòkòó, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ kí. Lẹ́yìn náà ni àwọn olóyè, olórí àdúgbò, àwọn aṣojú ìjọba, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀, dirẹkitíríìsì, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Ẹni tí a bá fò, ilé ni yóò gbé e lọ, kò sì ní gbàgbé. Lẹ́yìn kíkí, ẹ ki oríkì ilé yín fún ọmọ náà dáadáa, kí gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ní Ṣábẹ̀ níhìn-ín, bàbá tí kò bá ki ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀, a óò ní ó ń fi ayọ̀ pamọ́ ni.

---

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ kéékèèké, mo sì ti ṣe atọ́kùn irú ayẹyẹ yìí ní Kétu àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, débi pé mo mọ ìgbà tí àwùjọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wo fóònù wọn.

Òótọ́ ni Ọmọ Ṣábẹ̀ sọ pé kíkí ní ètò, àti pé ẹni tí ó ga jù ni a ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ibi tí n kò bá a lọ ni pé bàbá yìí kọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó tó kàn án, atọ́kùn yóò ti kí gbogbo àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, dirẹkitíríìsì yóò ti tún wọn kí, ààrẹ ẹgbẹ́ òbí náà yóò sì ti fi ọwọ́ kún un. Bí ẹni kẹrin bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn, àní ẹni tí wọ́n ń kí pàápàá. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé kí ẹni tí ó dé lẹ́yìn sọ pé òun dúró lórí ìkíni tí wọ́n ti ṣe, kí ó dárúkọ àlejò kan ṣoṣo tí ó ga jù bí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo kí àwọn yòókù. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ó ga jù láàárín àwọn àlejò, ẹ bi atọ́kùn kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, òun ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa àkókò, ìta gbangba kì í ṣe inú yàrá. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà, tí ẹ̀rọ ń dá ohùn yín padà, tí ọmọ ọwọ́ ń sunkún lẹ́yìn, ẹ kò lè sọ ju bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan kí ó sì yé ènìyàn. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀ọ́dúnrún, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́, ẹ̀rín àti àmín yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ kọ bí igba lé díẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè nílé pẹ̀lú aago. Bí ìyáwó yín bá jókòó sí òpin àgbàlá tí ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìṣe pé ẹ pariwo, ó ti tó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ bàbá máa ń gbàgbé. Àwọn tí ayẹyẹ náà jẹ́ tiwọn jókòó síwájú, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, aṣọ ìjáde sì ń mú wọn lóoru. Bí ẹ bá bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ títí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti kí àwọn àgbà tán, ẹ yíjú sí àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi gbólóhùn kúkúrú bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ kọjú sí àwọn olùkọ́.

Kí n tó lè bá yín tún ìwé yín ṣe, ẹ sọ fún mi: kí ni ọmọ yín kò lè ṣe nígbà tí ẹ mú un débẹ̀, tí ó ń ṣe nísinsìnyí? Ẹ má sọ pé ó gbọ́n o. Ẹ sọ ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Oníṣòwò, mo gbọ́ tiyín náà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìpàdé ẹgbẹ́ òbí ni ọ̀rọ̀ owó yẹ.

Nígbà tí a mú un lọ, géètì ni ó dì mú, ó sì ń ké pe ìyá rẹ̀. Tátà kan, bí a ti ń pe àwọn olùkọ́ jẹ́léósinmi, ni ó gbé e pọ̀n títí ó fi sùn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ọjọ́ mélòó kan. Nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ bá a de okùn bàtà rẹ̀, yóò tì mí lọ́wọ́. Bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, yóò to àwọn àbúrò rẹ̀ sórí ìlà níwájú kòtò omi, ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ kò ní jẹun, yóò sì fi orin Faransé ka oókan títí dé ẹ̀wá fún wọn. Ìyá àgbà kan tún wà tí ó máa ń se kókó fún wọn láàárọ̀; orúkọ ìyá yìí ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ jù nílé.

Ní ti àwùjọ, Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí tí wọ́n ń sọ Gùn pọ̀ pẹ̀lú, dirẹkitíríìsì fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ wà, mùsùlùmí wà, ẹlẹ́sìn Sẹ̀lẹ́ sì pọ̀ ní àdúgbò wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ pé Àjàṣẹ́ yìí ni ìjọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947.

---

Àna Gùn

Èmi ni mo fẹ́ ọmọ Gùn sílé, mo sì ń gbé Àjàṣẹ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín ní Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn yín wà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí Faransé. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta di mẹ́fà, àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín tí ó yẹ kí wọ́n rín sì ti tutù kí ìtumọ̀ tó dé.

Ẹ mú ibi tí ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, kí ẹ sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní Faransé níbẹ̀ kí dirẹkitíríìsì lè gbọ́ ọ láti ẹnu yín. Ẹ fi ìkíni Gùn kan kún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ lọ bá aládùúgbò kan tí ó jẹ́ ọmọ Gùn, kí ẹ sọ ọ́ fún un títí yóò fi ní ó ti dára, nítorí Gùn ní ohùn bí Yorùbá ti ní i, ohùn tí ó ṣì sì lè mú kí gbogbo ìlà kan bú sẹ́rìn-ín.

---

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Mo fara mọ́ ti Àna Gùn. Èmi ì bá tilẹ̀ yọ Faransé kúrò pátápátá, nítorí ọdún méjì gbáko ni àwọn ọmọ yìí ti fi ń gbọ́ ọ nínú kíláàsì, ó sì yẹ kí wọ́n rí i lọ́jọ́ ayẹyẹ pé èdè ilé wọn náà ń gun orí pèpéle. Nígbà ìjọba Kérékou, a rí àwọn ibi ìtọ́jú ọmọdé tí èdè wa ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ ṣeré tí wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. N kò ní wọ inú ìyẹn lónìí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí dirẹkitíríìsì kò gbọ́ Yorùbá, tí òun sì ni ó pè yín, gbólóhùn kan jẹ́ ọ̀wọ̀.

---

Ìyá Àbẹ̀ní

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kọ ọ́ tán, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí Àbẹ̀ní mi jáde jẹ́léósinmi, ọkọ mi ni ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ó wá sọ pé ọmọ náà máa ń tọ̀ sára ní kíláàsì nígbà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, àti pé ẹ wá wò ó lónìí bí ó ti di ọmọge. Ẹ̀rín bú. Ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sá wọ abẹ́ àga. Nígbà tí wọ́n pè é kí ó wá gba ìwé-ẹ̀rí, kò jáde. Èmi ni mo lọ gbà á. Bàbá rẹ̀ kò ní i lọ́kàn láti dójú tì í, ó rò pé ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ ohun tí à ń sọ ni. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbé e lọ sí CI.

Ohun kejì ni àdúrà. Ẹ má ṣe wúre ọkọ rere fún ọmọ ọdún márùn-ún ní iwájú ilé-ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọn kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìwé ni a kó ọmọ wá kà.

---

Ọmọ Ṣábẹ̀

Ìyá wa, ti àkọ́kọ́ yẹn yé mi, ó sì dùn mí fún Àbẹ̀ní. Ti ìkejì ni kò yé mi. Ìwúre ni ìwúre. A kì í ka iye ọdún ọmọ kí á tó wúre fún un. Àní lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni à ń wúre ọkọ àti aya fún.

---

Ìyá Àbẹ̀ní

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, inú ilé ni a wà, ẹbí ni a sì jẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wúre ìyàwó rere fún àwọn ọmọkùnrin. Òun ni mo rí.

---

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé náà kalẹ̀ kí ìjà yìí tó gbóná jù. Ohun tí Bàbá Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ni mo lò, mo kàn tò ó ni.

*Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo dúró lórí ìkíni tí atọ́kùn ti ṣe. Gbogbo yín ni mo bọ̀wọ̀ fún.* (Ẹ fi ìkíni Gùn síbí.)

*Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́! A gbọ́ ewì yín. A rí ijó yín. Ó dùn mọ́ wa. Ó yá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín.*

*Ní ọdún méjì sẹ́yìn, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó di géètì ilé-ẹ̀kọ́ yìí mú, tí wọ́n ń ké pe ìyá wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọ ilé tèmi. Lónìí, bí mo bá fẹ́ bá a de bàtà, yóò ní kí n fi òun sílẹ̀, òun mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá délé, yóò to àwọn àbúrò rẹ̀ sórí ìlà, ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ kò ní jẹun. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Mo bi ìyá rẹ̀, ó ní òun kọ́.*

*Ẹ̀yin Tátà, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni ẹ pọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n ń sunkún. Ẹ nu imú wọn, ẹ pààrọ̀ aṣọ wọn, ẹ bò wọ́n láṣìírí, ẹ kò sì jẹ́ kí ó sú yín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se kókó wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá ọgbà yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ géètì, orúkọ yín ni à ń gbọ́ nílé lálaalẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.* (Ẹ fi gbólóhùn Faransé síbí.)

*Ẹ̀yin òbí, CI ni ó kàn. Ìjókòó yóò pẹ́ sí i, eré yóò dín kù, ìwé yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹ jẹ́ kí á máa bi ọmọ ní ohun tí ó rí lóòjọ́, kí á tó bi í ní ipò tí ó gbà.*

*Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wọn sí. Ojú wọn yóò là. Àwọn olùkọ́ wọn yóò jèrè iṣẹ́ wọn. Ẹ ṣeun.*

Ẹ ó rí i pé mo ní ìdí fún àwọn nǹkan díẹ̀ níbẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ pé ọmọ yege sínú rẹ̀, nítorí kò sí ìdánwò ìjọba kankan ní òpin jẹ́léósinmi. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò ṣe tí ìjọba yóò fi fún un ní ìwé-ẹ̀rí ni CEP, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní òpin CM2. Bàbá tí ó bá ń pariwo lónìí pé ọmọ òun ti gba oyè, yóò mú kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ́ra rò pé tirẹ̀ ti ṣubú, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ni wọn yóò jọ wọ CI.

N kò sì dárúkọ Tátà kankan. Bí ẹ bá dárúkọ èyí tí ó gbé ọmọ yín pọ̀n, àwọn mìíràn tí wọ́n gbé ọmọ ẹlòmíràn pọ̀n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń retí. Ẹ lè lọ bá òun nìkan lẹ́yìn ayẹyẹ, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú ọmọ náà. Ó dára ju makirofóònù lọ.

Ẹ wo ibi tí mo ti ní *ẹ pààrọ̀ aṣọ wọn*. Ìyá Àbẹ̀ní ni ó fi í sí mi lọ́kàn. Gbogbo òbí tí ó wà níbẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n ọmọ kankan kò ní wá abẹ́ àga sá sí, nítorí a kò sọ pé ti ta ni. Ti géètì yàtọ̀. Ẹkún ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ti ọmọ lójú, gbogbo wọn ni wọ́n sun ún. Síbẹ̀, ẹ bi Àjọkẹ́ nílé bóyá kí ẹ sọ ọ́. Bí ó bá ní rárá, ẹ yọ ìlà rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ti *púpọ̀ nínú wọn* nìkan sílẹ̀.

Nípa àdúrà, mẹ́ta tó. Mo lo *Ọlọ́run* nítorí pé mùsùlùmí yóò ṣe àmín sí i, ẹlẹ́sìn Sẹ̀lẹ́ yóò ṣe é, ẹni tí ó ń bọ Ògún náà kò ní ṣàì ṣe àṣẹ. Bí ẹ bá fi orúkọ ẹ̀sìn kan parí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ àmín tí ó gé sí méjì. Ti ọkọ rere, n kò fi sí i, ṣùgbọ́n n kò ní bá Ọmọ Ṣábẹ̀ jà lórí rẹ̀.

---

Ọmọ Ṣábẹ̀

Bàbá, ìwé yìí dára, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n oríkì ńkọ́? Ẹ ti yọ oríkì ọmọ kúrò pátápátá. Orúkọ tí bàbá yìí ń lò níhìn-ín pàápàá, Àjọkẹ́, oríkì ni! Bí bàbá bá pe oríkì ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, orí ọmọ náà yóò wú, yóò sì rántí rẹ̀ títí.

---

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Orí rẹ̀ yóò wú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dirẹkitíríìsì ní kí ó sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo òbí. Nígbà tí ó bá ń ki Àjọkẹ́, àwọn ọmọ yòókù yóò máa wo bàbá tiwọn, àwọn kan kò sì ní bàbá níbẹ̀. Ká ní ayẹyẹ inú ilé ni, tí wọ́n pe ẹbí àti aládùúgbò jọ sí àgbàlá lẹ́yìn ti ilé-ẹ̀kọ́, èmi gan-an ì bá ní kí ó ki í láti orí dé ẹsẹ̀, kí ìyá bàbá rẹ̀ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́.

---

Àna Gùn

Ọ̀nà kan wà láàárín. Nígbà tí wọ́n bá ń pín ìwé-ẹ̀rí, atọ́kùn máa ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Àjọkẹ́ bá ń lọ gbà á, kí bàbá rẹ̀ dìde níbi ìjókòó rẹ̀, kí ó pe oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsí makirofóònù. Òbí èyíkéyìí lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó gba àyè lọ́wọ́ òun.

---

Ìyá Àbẹ̀ní

Ìyẹn wù mí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo òbí bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbọ́ orúkọ ọmọ tí ó kàn lẹ́nu atọ́kùn?

---

Oníṣòwò Wàńdò

Ẹ tún ti gbàgbé òjò. Òpin oṣù kẹfà ni ẹ ń sọ yìí, ní Àjàṣẹ́! Ní ọdún tí ó kọjá, òjò dé bí ààrẹ ẹgbẹ́ òbí ti di ẹ̀rọ mú, a sá wọ kíláàsì tí páànù bò, láti ìgbà náà ẹnu rẹ̀ ni a ń rí, a kò gbọ́ ohùn. Ó ka ìwé rẹ̀ parí síbẹ̀síbẹ̀. N kò mọ ohun tí ó sọ títí di òní.

---

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kétu

Oníṣòwò, ẹ ṣeun, èyí ni ohun tí ó yẹ kí n ti sọ ṣáájú kí ẹ tó ràn mí lọ́wọ́. Bàbá Àjọkẹ́, ẹ kọ́ apá méjì sórí láìwo ìwé: ti àwọn ọmọ àti ti àwọn Tátà. Bí òjò bá dé tí páànù ń dún, ẹ má ṣe bá a díje. Ẹ sún mọ́ ìlà àwọn ọmọ, ẹ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹ yíjú sí àwọn Tátà, ẹ dúpẹ́, ẹ jókòó. Apá ti òbí lè fò, wọn yóò gbọ́ ọ nínú ìpàdé. Ẹ sì fi ìwé náà sínú ọ̀rá kí yíǹkì má baà ṣàn.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo yín, mo sì dúpẹ́. Mo ti ka ìwé Bàbá sókè lálẹ́ àná, ìyàwó mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìta. Pẹ̀lú ìkíni Gùn àti gbólóhùn Faransé, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ni, ó sì ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ibi tí ọ̀kadà kọjá.

Mo bi Àjọkẹ́ nípa géètì. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n fi kún un pé ọmọkùnrin kan tí ó jókòó tì í sunkún ju òun lọ. Ìyẹn ni n kò ní fi sí i.

Ti oríkì, ìyá rẹ̀ fẹ́ kí n pè é lórí makirofóònù, ìyá mi náà fẹ́ ẹ, èmi sì ń ronú sí ọ̀nà Àna Gùn. Ti ọkọ rere, mo ti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ìyá mi yóò wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ mi.